Láti adágún ìwẹ̀ Yàbá dé Ọ̀sà Èkó: bí a ṣe ń fi àwòṣe kékeré mọ bí omi yóò ṣe fa ọkọ̀ ńlá sẹ́yìn

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé jẹ́ ọkọ̀ èrò tí yóò máa ná Ìkòròdú sí Marina. Lójú omi, ó gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 5, ìdí rẹ̀ sì wọ omi ní mítà 1.2. Omi tí ó gba àyè rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 60, ara rẹ̀ tí omi ń kàn sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 90. Ẹni tó ni ín fẹ́ kó máa sá nọ́ọ̀tì 10. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: ẹ́ńjìnnì tó tó báwo ni kí òun rà?

Àwòṣe kékeré ọkọ̀ náà, tí a fà nínú adágún ìwẹ̀ ilé ìtura kan ní Yàbá, ni a fi dá a lóhùn. Adágún náà gùn ní mítà 25, ó fẹ̀ ní mítà 10, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1.2. Ẹni tó bá ní irú adágún bẹ́ẹ̀, tó ní pákó, okùn, mọ́tò oníná kékeré kan àti òṣùwọ̀n tó ń ka agbára ìfà, lè rí ìdáhùn tó ṣe é gbára lé. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìdáhùn náà ti lè tan ẹni jẹ, tí ìṣirò kankan ò sì ní fi hàn. Ó tan àwa náà jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Màá dé ibẹ̀.

Ìgbì ló ń pàṣẹ eré àwòṣe

Nǹkan méjì ló ń di ọkọ̀ mú nígbà tó bá ń lọ. Èkíní, omi ń kín ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èyí ni màá máa pè ní ìfarakínra. Èkejì, ọkọ̀ ń dá ìgbì sílẹ̀, agbára tí ìgbì náà sì ń gbé lọ, láti inú ẹ́ńjìnnì ló ti wá. Àwọn méjèèjì kì í gbọ́ àṣẹ kan náà. Ibi tí gbogbo iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo ìgbì ná. Ọkọ̀ ti omi sókè, òòfà ilẹ̀ fà á padà, omi náà balẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ó tún gbéra sókè. Nítorí náà, eré ọkọ̀ àti òòfà ilẹ̀ nìkan ló ń sọ bí ìgbì kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì. Nọ́ọ̀tì 10 jẹ́ mítà 5.144 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì tó bá sì ń bá irú eré bẹ́ẹ̀ rìn nínú omi jíjìn máa ń gùn tó mítà 17 láti orí dé orí. Ọkọ̀ wa jẹ́ mítà 20. Orí ìgbì kan yóò wà níwájú rẹ̀, èkejì yóò sì gbé orí sókè nítòsí ìdí rẹ̀.

Bí àwòṣe mítà 2 bá máa fi irú àwòrán kan náà hàn, ìgbì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 1.7. Kí ìgbì tó kúrú ní ìlọ́po mẹ́wàá, eré ò ní dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá. Gbòǹgbò onímejì mẹ́wàá ló máa fi dín kù, ìyẹn 3.16. Wíliamù Fúrúùdù, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, rí èyí nínú ìdánwò tó ṣe lórí odò ní 1867. Ó ṣe àwòṣe oríṣi ara ọkọ̀ méjì, ó sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà 3, 6 àti 12. Ó rí i pé nígbà tí eré wọn bá bá gbòǹgbò gígùn wọn mu, ìgbì ara kékeré àti ti ńlá máa ń jọra bí ìbejì. Iye tó ń ṣọ́ ìjọra yìí là ń pè ní nọ́ḿbà Fúrúùdù, `Fn`. `V` ni eré, `L` ni gígùn, `g` ni òòfà ilẹ̀; `Vs` ni eré ọkọ̀ gidi, `Vm` ni ti àwòṣe, `k_scale` sì ni ìlọ́po tí àwòṣe fi kéré sí ọkọ̀ gidi:

```
Fn = V / sqrt(g * L)
Vm = Vs / sqrt(k_scale)
```

Ọkọ̀ gidi ní `Fn = 5.144 / sqrt(9.81 * 20) = 0.367`. Kí àwòṣe lè ní 0.367 pẹ̀lú, a ní láti fà á ní mítà 1.627 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré ẹni tó ń yára rìn létí adágún nìyẹn, ọmọ kékeré lè bá a rìn.

Ìfarakínra kò gba irú àṣẹ yìí. Kíki omi ló ń pàṣẹ fún un, nọ́ḿbà tirẹ̀ sì ni ti Rénọ́ọ̀sì, eré ní ìlọ́po gígùn, tí a fi kíki omi pín. Bí ẹ bá fẹ́ kí nọ́ḿbà yìí náà bára mu nínú omi kan náà, àwòṣe tó kéré ní ìlọ́po mẹ́wàá gbọ́dọ̀ sáré ju ọkọ̀ gidi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn á jẹ́ mítà 51 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó ju eré mọ́tò lórí afárá Third Mainland lọ fíìfíì. Kò ṣeé ṣe. Ohun tí Fúrúùdù wá ṣe ni pé ó jẹ́ kí ìgbì bára mu, ó sì fi ìṣirò yọ ìfarakínra kúrò lára àwòṣe, lẹ́yìn náà ó fi èyí tó bá ọkọ̀ ńlá mu rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń tọ̀ títí di òní nìyí.

Yíyan ìwọ̀n àwòṣe

A yan ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ ìdá kan nínú ogún, nítorí àwòṣe mítà kan rọrùn láti gbé wọ kẹ̀kẹ́ Máàwá. Mo kọ̀. Bí àwòṣe bá ti kéré jù, omi máa ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀ ní ìpele ìpele láìdàrú, bẹ́ẹ̀ omi tó ń kọjá lára ọkọ̀ gidi máa ń dàrú láti iwájú. Ìfarakínra oríṣi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìṣirò ò sì lè so wọ́n pọ̀. Bí a bá sì yan ìdá kan nínú márùn-ún, àwòṣe á gùn ní mítà 4, á wúwo tó kílò 480, mítà 25 ò sì ní tó fún un láti gbéra, kó sáré, kó tún dúró.

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ṣe é, a fi gọ́ọ̀mù àti fáíbà bò ó, a sì ha á títí ó fi dán. Káfíńtà tó ṣe é mọ iṣẹ́ ọkọ̀ dáadáa, àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ní Màkókó ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ má ṣe kánjú níbi ìwúwo. Omi tí àwòṣe gbọ́dọ̀ gba àyè rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 0.060. Nínú omi adágún tó gbóná tó ìwọ̀n 28 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, kúbíìkì mítà kan wọn kílò 996, nítorí náà àwòṣe pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 59.8. Ẹnìkan ti kọ́kọ́ gbé 60.6 síbẹ̀, torí pé ọkọ̀ gidi nínú omi ọ̀sà oníyọ̀ díẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 60.6. Àyè tí ọkọ̀ gbà nínú omi ni a ń fi ìwọ̀n ṣe, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ẹrù sí i, ẹ wo ìlà omi tí ẹ ti fa sí i lára níwájú, láàárín àti lẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọmi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sún ẹrù.

Iyanrìn níwájú

Àwòṣe mítà 2 pàápàá kò tóbi tó láti da omi rú fúnra rẹ̀. A ní láti ràn án lọ́wọ́. A jọ iyanrìn, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yíká, ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 10 sí imú. Àwọn ilé ìdánwò ńlá máa ń lo ìṣó kúkurú olórí pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n iyanrìn náà ń ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń rí i pé omi ò dàrú, nítorí àṣìṣe yìí kì í hàn sójú. Ẹ fa àwòṣe ní eré kékeré, bíi mítà 0.6 sí 0.9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, gbogbo ohun tó ń fa àwòṣe sẹ́yìn jẹ́ ìfarakínra. Ẹ wá fi wé ìfarakínra pákó pẹlẹbẹ tó gùn bákan náà, nípa ìlànà tí àpérò àgbáyé àwọn ilé ìdánwò ọkọ̀ fọwọ́ sí ní 1957. `Re` ni nọ́ḿbà Rénọ́ọ̀sì, `nu` ni kíki omi, `CF` ni ìfarakínra pákó pẹlẹbẹ, `CT` ni gbogbo ìfàsẹ́yìn àwòṣe, `R` ni agbára tí òṣùwọ̀n kà, `rho` ni ìwúwo kúbíìkì mítà omi kan, `S` sì ni ara ọkọ̀ tí omi ń kàn:

```
Re = V * L / nu
CF = 0.075 / (log10(Re) - 2)^2
CT = R / (0.5 * rho * S * V^2)
```

Ẹ fi `CF` pín `CT`. Ara ọkọ̀ tó yọ ikùn ò lè fara kín omi kéré ju pákó pẹlẹbẹ lọ, torí náà èsì gbọ́dọ̀ ju 1 lọ. Kí a tó lẹ iyanrìn, a rí 0.9. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ nìyẹn, àfi bí omi bá ń yọ̀ kọjá láìdàrú. Lẹ́yìn iyanrìn, èsì gbéra, ó dúró sí nǹkan bíi 1.2 ní eré kékeré mẹ́rin. Ìwọ̀n 0.2 tó lé yìí ni ìrísí ara ọkọ̀ fi kún ìfarakínra, a ó sì lò ó nígbà tó bá yá. Agbára tí a ń kà ní irú eré bẹ́ẹ̀ kéré, kò pé Níútìnì méjì, nítorí náà mi ò lè búra pé 0.2 ni, kì í ṣe 0.15. Ẹ ó rí i pé kò ba iṣẹ́ jẹ́.

Bí a ṣe fà á

Mọ́tò oníná wà ní ìpẹ̀kun adágún, ó ń ká okùn mọ́ páìpù kan. Ẹ lo okùn ìpẹja tí wọ́n hun, tí kì í nà. Okùn rọ́bà tàbí ọ̀rá tó ń nà yóò máa fa àwòṣe ní ìfà-jù-sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ìfà wà nínú àwòṣe fúnra rẹ̀, ní àárín gígùn rẹ̀, nísàlẹ̀, ní nǹkan bí ibi tí ọ̀pá ìdí ẹ́ńjìnnì yóò wà. Bí ẹ bá so okùn mọ́ imú lókè, ìfà náà á máa tẹ imú mọ́lẹ̀ tàbí kó gbé e sókè, ọkọ̀ náà á sì di ọkọ̀ mìíràn. Kí àwòṣe má baà yà, a na wáyà kan láti etí dé etí, òrùka gbàgẹ̀rẹ̀ méjì lórí àwòṣe sì ń tẹ̀lé e. Àwòṣe gbọ́dọ̀ lè wọlé, kó lè yọrí, kó lè gbé imú bó ṣe wù ú.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, a máa ń gbé ìwúwo kílò kan kọ́ sórí kẹ̀kẹ́ okùn, a sì wò ó bóyá òṣùwọ̀n ka Níútìnì 9.81. A tún máa ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi adágún. Omi tí ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde kò hàn sójú, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn, àwòṣe tó bá sì lọ sókè yóò fún yín ní èsì tó yàtọ̀ sí èyí tó lọ sísàlẹ̀.

Ní mítà 1.627, a fi mítà 5 gbéra, a fi mítà 12 sáré gúnlẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ìdúró. Mítà 12 yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méje péré, àárín rẹ̀ nìkan sì ni a ń kà. Ẹ ṣọ́ra gidi níbí. Nígbà tí àwòṣe kílò 60 bá ń gbéra, òṣùwọ̀n ń ka agbára tó ń mú un gbéra pọ̀ mọ́ ìfàsẹ́yìn omi, bíi Níútìnì 16 ni ti ìgbéra nìkan. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá wọnú ìṣirò, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kódà bí eré bá ń pọ̀ sí i ní sẹ̀ntímítà kan péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, Níútìnì 0.6 nìyẹn, ó tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ń wá. Nítorí náà a kì í wo òṣùwọ̀n nìkan. A ń ka ìyípo páìpù pẹ̀lú, èyíkéyìí tí eré rẹ̀ kò bá gúnlẹ̀, a jù ú nù.

Lẹ́yìn ìfà kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Omi á ti dà bíi pé ó dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìgbì gígùn pẹlẹbẹ ṣì ń lọ bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì. Ẹ gbé ewé kan lé omi. Bó bá ṣì ń rìn, ẹ dúró.

A fà á lẹ́ẹ̀mẹta, a ka 10.1, 10.3 àti 10.2. A mú Níútìnì 10.2. Ẹni tó yà fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ rí orí ìgbì kan ní imú àti èkejì ní sẹ̀ntímítà 170 sẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti wí. Mo fẹ́ràn fọ́tò yẹn, ẹ̀rí tí ojú lè rí ni. Bí ìgbì inú fọ́tò bá kúrú tàbí gùn ju bó ṣe yẹ lọ, eré yín ni kò tọ̀nà, ohun yòówù kí ìwé sọ.

Láti Níútìnì 10.2 dé ọkọ̀ gidi

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbà ni pé kí wọ́n sọ 10.2 di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan, nítorí àwòṣe kéré ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ ìwúwo omi kún un. Èsì á jẹ́ Níútìnì 10,340. Ó kọjá òtítọ́, nítorí ó ka ìfarakínra àwòṣe bíi pé ìgbì ni. Ara kékeré tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ń fara kín omi púpọ̀ ju ara ńlá lọ, ní ìfiwéra. A gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Fún àwòṣe: omi adágún ní ìwọ̀n 28 ní kíki 0.834e-6. Ọ̀pọ̀ tábìlì inú ìwé ni wọ́n ṣe fún omi ìwọ̀n 15, torí ìlú òtútù ni àwọn ilé ìdánwò náà wà, kíki tiwọn sì jẹ́ 1.14e-6. Ẹni tó bá lo ìyẹn ní Èkó á yọ ìfarakínra tó pọ̀ jù kúrò, ọkọ̀ á sì dà bíi pé ó fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ.

```
Re = 1.627 * 2 / 0.834e-6 = 3.90e6
CF = 0.00356
CT = 10.2 / (0.5 * 996 * 0.90 * 1.627^2) = 0.00860
CW = 0.00860 - 1.2 * 0.00356 = 0.00433
```

`CW` ni ìgbì. Òun nìkan ni a ń gbé láti àwòṣe lọ sí ọkọ̀ gidi láìfọwọ́ kàn án, nítorí òun nìkan ni nọ́ḿbà Fúrúùdù ń bójú tó.

Fún ọkọ̀ gidi, iyọ̀ inú Ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Nígbà òjò, omi odò máa ń kún inú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi aláìníyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọlé. Mo mú àárín: kílò 1010 fún kúbíìkì mítà kan, kíki 0.86e-6. Mo tún fi 0.0004 kún un fún kíkùn tí kò dán bí ti àwòṣe. Èyí kò kan ìkarawun àti ewéko omi tó máa ń hù sí ìdí ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ nínú omi.

```
Re = 5.144 * 20 / 0.86e-6 = 1.20e8
CF = 0.00203
CT = 1.2 * 0.00203 + 0.00433 + 0.0004 = 0.00716
R  = 0.5 * 1010 * 90 * 5.144^2 * 0.00716 = 8600 N
P  = 8600 * 5.144 = 44 kW
```

Níútìnì 8,600 ni, kì í ṣe 10,340. Ẹni tó gba ọ̀nà àkọ́kọ́ á sọ pé kílówáàtì 53 ni, á sì ra ẹ́ńjìnnì tó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti iyèméjì mi lórí 0.2: bí mo bá tilẹ̀ sọ ọ́ di òdo pátápátá, èsì á jẹ́ bíi Níútìnì 8,980, ìyàtọ̀ ìdá 4 péré. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kó gba oorun lójú mi.

Kílówáàtì 44 jẹ́ agbára tí a ó fi fa ọkọ̀ bí ẹni fi okùn fà á. Abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ máa ń sọ bí ìdajì agbára ẹ́ńjìnnì nù lójú ọ̀nà, torí náà ọ̀pá gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi 89. Fi ìdá 15 kún un nítorí afẹ́fẹ́ àti ìdí tó dọ̀tí, ó di 102. A kọ èyí sínú ìwé, a ń múra láti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀.

Ohun tí awakọ̀ àgbà sọ

Kí a tó fi ránṣẹ́, mo gbé e lọ fún bàbá kan tó ti ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí wọ́n tó bí mi. Ní èbúté Ìkòròdú ni mo bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì kílówáàtì 102 á gbé ọkọ̀ yìí sá nọ́ọ̀tì 10. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, níbo nínú omi?"

Mo ní, "Bàbá, láti ìhín dé Marina ni."

Wọ́n mi orí. "Tẹ́ ẹ bá dé ibi tó jìn lọ́hùn-ún, kò sí wàhálà. Àmọ́ ibì kan wà níbí tó jẹ́ pé bí mo bá tẹ ẹ́ńjìnnì, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀, omi á gbéra lẹ́yìn mi bí òkè, eré ò sì ní kún. Omi ló ń dì í nídìí mú."

Mo bi wọ́n pé báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó. Wọ́n na ọ̀pá wọn: kò pé ìlọ́po méjì ènìyàn, ẹ pè é ní mítà 3.

Ojú tì mí, nítorí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo kàn gbàgbé láti wò ó ni. Jíjìn omi náà jẹ́ gígùn kan. Bí a bá fi mẹ́wàá pín gígùn ọkọ̀, a gbọ́dọ̀ fi mẹ́wàá pín jíjìn omi pẹ̀lú. Adágún wa tó jìn ní mítà 1.2 ti ń sọ òtítọ́ fún wa látẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n nípa omi mítà 12 ni. Èbúté ọkọ̀ òkun ní Àpápá lè jìn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àyè lórí Ọ̀sà Èkó kò jìn tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú omi tí kò jìn, ìgbì kankan ò lè sá ju iye kan lọ, `sqrt(g * h)`, `h` sì ni jíjìn omi. Ní mítà 3, iye yẹn jẹ́ mítà 5.42 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ọkọ̀ wa ń sá 5.144. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìgbì tí ọkọ̀ dá sílẹ̀ ò rí ọ̀nà sá kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó ń kóra jọ, ọkọ̀ ń gun òkè omi tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Ohun tí bàbá rí gan-an nìyẹn.

A dúró títí di ọjọ́ tí ilé ìtura fẹ́ fọ adágún. Wọ́n fa omi rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó ku sẹ̀ntímítà 30 fún wa fún ọ̀sán kan. A wọn jíjìn rẹ̀ ní ibi mẹ́jọ, nítorí sẹ̀ntímítà kan péré ní irú jíjìn bẹ́ẹ̀ ń yí èsì padà. Àwòṣe kan náà, ẹrù kan náà, eré kan náà. Omi gbéra níwájú imú bí ìdènà kan tó ń bá a rìn, ìdí rẹ̀ sì wọlẹ̀ débi pé a bẹ̀rù kó kan ilẹ̀. Òṣùwọ̀n ka Níútìnì 18.4.

Ìṣirò kan náà ni a ṣe. `CT` di 0.0155, `CW` di 0.0112, ọkọ̀ gidi sì nílò nǹkan bíi Níútìnì 16,900, ìyẹn kílówáàtì 87 kí a tó ka ti abẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ mú iye yìí bí ìtọ́kasí, kì í ṣe bí òfin: nítòsí iye yẹn, ìgbì kì í dúró sójú kan nínú mítà 12, ìfarakínra náà sì ń yí padà nígbà tí àyè abẹ́ ọkọ̀ bá há. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì kílówáàtì 102 kankan tó máa gbé ohun tó nílò nǹkan bíi 174.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀pá, kí ẹ wọn omi ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, nígbà tí omi bá fà. Ẹ wá ṣírò `V / sqrt(g * h)` fún ibi tó kéré jù. Bí ó bá wà lábẹ́ 0.6, èsì adágún jíjìn tó fún yín. Bí ó bá ti kọjá 0.7, ẹ gbọ́dọ̀ fa àwòṣe ní jíjìn tó bá ìwọ̀n mu, tàbí kí ẹ dín eré kù níbẹ̀.

Ohun kejì ni a yàn fún ọkọ̀ yìí. Níbi mítà 3, 0.7 jẹ́ mítà 3.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn nọ́ọ̀tì 7.4. Bí ibi tí kò jìn náà bá gùn tó kìlómítà méjì, ọkọ̀ á pẹ́ níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ ra ẹ́ńjìnnì kílówáàtì 102, a fi ọ̀dà pupa sàmì sí 7.4 lójú aago eré, bàbá awakọ̀ sì ló sọ fún wa ibi tí a ó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí dín in kù.